Bébà Tó Ní Owó Ò Lọ, Aláàtì Tó Ní Ó Ti Lọ

Apẹ̀rẹ̀ tòmátì méjì ni mo rà ní ọjà Ṣáṣá, mo sì ní kí wọ́n fi káàdì yọ owó wọn. Bébà tó jáde lẹ́nu ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́ẹ̀sì ní DECLINED. Kí n tó gbójú sókè, aláàtì ti wọlé: ₦60,000 ti lọ. Ìyá aláta ò rí kọ́bọ̀. Mo fi owó ọwọ́ mi san án, mo sì ká bébà náà sápò.

Ẹlòmíràn ìbá ti gbá ìyá náà lọ́rùn mú. Ṣùgbọ́n báǹkì mi ló yọ owó náà; ìròyìn pé ó ti yọ ọ́ ló já lójú ọ̀nà kó tó dé ẹ̀rọ. Owó yẹn ò sí lọ́wọ́ aláta, nítorí náà báǹkì mi ni mo lọ bá tààrà.

Ohun tí wọ́n ń pè ní ṣájìbáàkì nìyẹn: báǹkì mi á gba ẹjọ́ mi, á sì béèrè owó náà lọ́wọ́ báǹkì tó ni ẹ̀rọ. Báǹkì kejì á dá a padà, tàbí kó mú ẹ̀rí wá pé òwò náà yọrí. RRN, nọ́ńbà oníhóró 12 tó wà lára bébà, ni báǹkì méjèèjì fi ń wá òwò kan náà. Mo fi ọjọ́, wákàtí, iye owó, nọ́ńbà ẹ̀rọ àti àkọsílẹ̀ àkáǹtì mi kún un. Mo ti ya fọ́tò bébà náà, torí ooru máa ń pa ohun tí wọ́n tẹ̀ sára irú bébà bẹ́ẹ̀ rẹ́. Kò sí ẹni tí mo sọ nọ́ńbà àṣírí káàdì fún. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀ olè ni.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ní kí wọ́n parí irú ẹjọ́ pí-ó-ẹ́ẹ̀sì báyìí láàárín wákàtí 72. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, ẹ kọ̀wé sí cpd@cbn.gov.ng.

Tí bébà bá ní APPROVED, tí ọjà ò wá dé ńkọ́? Ibẹ̀ ni ṣájìbáàkì ti gbọ́dọ̀ kẹ́yìn. Owó ti dé ọwọ́ ẹni tó tajà, báǹkì ò sì mọ tòmátì tó rà yàtọ̀ sí èyí tó dáa. Ẹ kọ́kọ́ bá a sọ ọ́, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Bó bá kọ̀, èsì rẹ̀ di ẹ̀rí. Bó bá ti gbà láti san án padà, ẹ má tún pẹjọ́ sí báǹkì, kí owó kan má baà padà lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó fi ọ̀la ọ̀la dá yín dúró: lórí káàdì Fíísà àti Mátákáàdì, nǹkan bí 120 ọjọ́ ni àyè sábà máa ń pa dé.

Tí ẹ bá fi tiránsífà san án, ọ̀nà yìí ò sí rárá, torí ti káàdì ni.

Ọjọ́ kẹta ni ₦60,000 mi padà wọlé. Mo fi aláàtì náà han ìyá aláta. Ó ní òun ti ń bẹ̀rù pé màá padà wá bá òun jà.