Ẹ Má Jẹ́ Ká Yọjú Wo Ọdún Tí A Tì Pa

Ẹ̀yin ará, ẹ rántí ìlànà tí a fẹ́ fi owó ẹgbẹ́ ra ṣíà: ká rà bí iye rẹ̀ lópin oṣù bá ga ju ìpíndọ́gba oṣù 10 tó ṣáájú, ká tà bó bá wálẹ̀. Àkọsílẹ̀ iye ọjà láti 2010 sí 2021 la fi dán an wò. A ti 2022 sí 2024 pa.

Àwọn kan ní ká yọjú wò ó díẹ̀. Èmi ò gbà o. Oríṣi ìlànà 20 la ti dán wò. Bí gbogbo wọn tilẹ̀ jẹ́ òfìfo, tí oríire lásán lè gbé 5 nínú 100 ga, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ṣì dára lójú wa. Bí a bá ṣí i, tí oṣù 10 pàdánù, tí a sáré mú oṣù 8 torí pé òun jèrè níbẹ̀, ọdún mẹ́ta náà ò lè ṣe ẹlẹ́rìí mọ́. Oṣù tuntun la ó tún máa dúró dè.

Ká kọ ìlànà, owó alágbàtà àti àdánù tí a lè fara dà sílẹ̀ ná. Lọ́jọ́ ìpinnu, ká ṣí i lẹ́ẹ̀kan péré. Bí àdánù bá kọjá iye yẹn, a ò rà.