Ìwé Ọbẹ̀ Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìtàn kékeré kan ni mo fi ń kọ́ni ní ìtumọ̀. Ọmọdébìnrin kan ní Ìlọrin ń túmọ̀ ìwé ọbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ àgbà, ará Kánò, fi ọwọ́ kọ ní èdè Haúsá. Nígbà tí ó dé ibi ‘garin kuka’, ó yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò, ó sì kọ ọ́ pé: “Da ṣíbí mẹ́ta ìlú ẹkún sínú omi ẹran.”

Ọmọ náà kò purọ́. ‘Gari’ ni ìlú, ‘kuka’ sì ni ẹkún. Ṣùgbọ́n ‘gari’ tún ni ìyẹ̀fun, ‘kuka’ sì tún ni igi osè. Ohùn àti gígùn fáwẹ̀lì ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, àkọtọ́ Haúsá kì í sì í fi wọ́n hàn. Ìgbà tí ìyá àgbà kà á sókè, tí ó sì ṣàlàyé, ni ọmọ náà kígbe pé: “Àṣé lúúrú ni!”

Ní tèmi, kí olùkọ́ má ṣe fagi lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ó rán ọmọ padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ ìwé, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kí ó fi àmì sí i, kí ó tó túmọ̀ rẹ̀. Bí ìyá àgbà bá lọ, ìwé náà yóò kù láìsí ohùn.