Inú ìkéde iṣẹ́ ni ìbéèrè wà

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wáṣẹ́ ní Àgbádárìgì ló jẹ́ pé àdírẹ́sì nìkan ni wọ́n ń wò nínú ìkéde iṣẹ́. Bí ajẹ́ńtì kan tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù ní bodè Sẹ̀mẹ̀ bá kéde pé òun ń wá akọ̀wé tó gbọ́ Ègùn àti Faransé, tó sì ti bá àwọn aṣọ́bodè ṣiṣẹ́ rí, ó ti sọ ohun tó máa béèrè nìyẹn. Ó lè jẹ́ Faransé ló máa fi kí èèyàn lẹ́nu ọ̀nà.

Ibi tó ti le jù ni ohun tí ẹni náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ìrírí rẹ̀. Òun ló jẹ́ kí wọ́n pè é, òun náà ni wọn yóò tú wò. Ká ní ó kọ ọ́ pé òun gba ẹrù ní Sẹ̀mẹ̀ láàárín ọdún 2020. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ á rántí pé ìjọba ti bodè náà pa mọ́ ẹrù láti oṣù kẹjọ, ọdún 2019, wọn ò sì ṣí i títí di oṣù kejìlá, ọdún 2020. Ẹrù wo ló wá gbà? Bó bá jẹ́ ìwé àwọn ẹrù tó ti wọlé ṣáájú ló ń tò ní ọ́fíìsì, kó sọ bẹ́ẹ̀, kó sì ṣàlàyé bó ṣe ń tò ó. Ìlà tí kò bá lè ṣàlàyé, kó ti pa á rẹ́ kó tó fìwé ránṣẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀gá náà ńkọ́? Ẹni tó bá kọ “a ń wá ẹni tó já fáfá” síta, tí kò sọ iṣẹ́ náà gan-an, kí ló fẹ́ bi àwọn tó bá wá?