Bátìrì Kọ́ Ló Kú: Ẹjọ́ Tábúlẹ́ẹ̀tì Tí Kì í Gbaná Àfi Tí Wọ́n Bá Pa Á

Bí ènìyàn bá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lọ bá àwọn ẹnjiníà fóònù ní agbègbè Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, tàbí ní ìlú Oǹdó, tó sì ṣàlàyé pé ó ń gbaná dáadáa tí òun bá pa á, àmọ́ tí òun bá ti tàn án báyìí, iye tó wà lójú rẹ̀ kì í gòkè mọ́, àfi kó máa wálẹ̀, ìdáhùn tó máa kọ́kọ́ gbọ́ kì í sábà yàtọ̀: bátìrì ẹ ti kú. Bí kì í bá ṣe bátìrì, wọ́n á ní ihò ṣájà ló bàjẹ́. Oníǹkan á mi orí, nítorí ó dá a lójú pé ṣájà òun kò lẹ́ṣẹ̀, ṣebí fóònù òun ń fi gbaná lálaalẹ́. Ló bá kówó sílẹ̀. Wọ́n á tú ẹ̀yìn tábúlẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fi bátìrì mìíràn sí i, tí ó sì lè jẹ́ pé tuntun náà kò tó ògbólógbòó tí wọ́n yọ lágbára. Tó bá délé, tó fi orí ṣájà àná ṣájì í, ìṣòro àná ló máa bá níbẹ̀.

Ìgbàgbọ́ yìí ni ìwé pẹlẹbẹ yìí wá takò. Ìgbàgbọ́ náà ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lásán, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì tí kò ṣe nǹkan kan di èyí tí wọ́n tú wò láìnídìí.

Àìsàn tí wọ́n kà sí bátìrì lọ́rùn kò bá ohun tí ojú rí mu. Bátìrì tó ti kú kì í kún ní pípa kó tún wá kọ̀ ní títàn. Èyí tó ti gbó máa ń fara hàn lọ́nà tirẹ̀: á kún kíákíá, á sì tán kíákíá, á wà ní 40%, á ṣàdédé fò bọ́ sí 12%, ẹ̀rọ á kú nígbà tó ṣì kọ 20% sójú, ẹ̀yìn rẹ̀ lè wú. Tí tábúlẹ́ẹ̀tì bá kún dé 100% ní pípa, tí wọ́n sì lò ó fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́ kúrò lójú iná, bátìrì rẹ̀ ti jẹ́rìí ara rẹ̀. Ihò ṣájà náà ti jẹ́rìí dé ìwọ̀n kan, torí ihò kan náà ni iná gbà wọlé ní pípa.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe tàwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú nìkan. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Apple gbé iPad àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2010, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń so okùn rẹ̀ mọ́ ara kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n á rí i tó kọ "Not Charging" sójú, wọ́n á sì rò pé wọ́n ti ta ọjà bíbàjẹ́ fún àwọn. Àmọ́ tí wọ́n bá ti pa ojú rẹ̀, ó ń gbaná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni. Kò sí ohun tó ṣe iPad náà.

Ìṣirò rẹ̀ rọrùn. Bátìrì iPad yẹn gba nǹkan bí wáàtì 25 fún wákàtí kan, Apple sì sọ pé ènìyàn lè fi ṣiṣẹ́ fún wákàtí 10. Tí a bá pín 25 sí ọ̀nà 10, wáàtì 2.5 ni ẹ̀rọ náà ń jẹ tí ojú rẹ̀ bá wà ní títàn. Ẹ wá wo ohun tí ihò USB ara kọ̀ǹpútà ìgbà náà ń fún un: fóòtì 5, ìdajì ámpíà, ìyẹn wáàtì 2.5 gan-an. Gbogbo ohun tó wọlé ni ojú rẹ̀ àti ọpọlọ rẹ̀ ń jẹ tán, kò sí ohun tó kù fún bátìrì. Ìdí nìyẹn tí Apple fi di orí ṣájà wáàtì 10 mọ́ ọn nínú páálí, nígbà tó jẹ́ pé wáàtì 5 ni ti iPhone ìgbà náà.

Bí wọ́n ṣe ṣe tábúlẹ́ẹ̀tì òde òní nìyẹn. Iná tó bá wọlé kì í kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ bátìrì. Ojú ẹ̀rọ, ọpọlọ rẹ̀, Wáìfáì àti dátà ló ń kọ́kọ́ bu tiwọn, ìyókù ló ń kan bátìrì. Bí ohun tí wọ́n fẹ́ bá ju ohun tó wọlé lọ, bátìrì fúnra rẹ̀ ló máa fi kún un, nígbà náà ni ènìyàn á rí àmì ṣájì lójú ẹ̀rọ tí iye rẹ̀ sì ń wálẹ̀. Ó dà bí dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé sábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń kán tó-tó-tó, tí gbogbo ilé sì ń bu omi inú rẹ̀. Tí wọ́n bá jáwọ́, ó máa kún, bó tilẹ̀ pẹ́.

Kí wá ni ti fóònù tó ń fi orí ṣájà kan náà gbaná? Ibí ni àṣìṣe náà ti ta gbòǹgbò. Bátìrì iPhone 4, tó jáde lọ́dún 2010 kan náà, kò ju nǹkan bí wáàtì 5 fún wákàtí kan lọ. Ti iPad fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún rẹ̀. Ojú tábúlẹ́ẹ̀tì oníìnṣì mẹ́wàá fẹ̀ ju ti fóònù lọ fíìfíì, iná tó ń tàn án látẹ̀yìn sì ń jẹun ní ìwọ̀n ara rẹ̀. Tí wọ́n bá tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé òkè, tí ọmọ sì ń ta géèmù lórí rẹ̀, ó lè jẹ wáàtì 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ṣájà tó tó fóònù lè má tó o rárá, láìsí pé ohunkóhun bàjẹ́ lára èyíkéyìí nínú wọn.

Àwọn mìíràn á di ẹ̀bi ru iná BEDC, wọ́n á ní iná ìlú ló rẹlẹ̀. Iná Àkúrẹ́ àti ti Oǹdó lè rẹlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kí wọ́n ka ohun tó wà lára orí ṣájà. Ìlà tó kọ INPUT sábà máa ń sọ pé 100-240V. Bí iná bá wá sílẹ̀ sí 170, fáànù á máa yí bí aláàárẹ̀, orí ṣájà ní tirẹ̀ á ṣì máa fún tábúlẹ́ẹ̀tì ní fóòtì 5. Ìlà kejì, OUTPUT, ló ṣe pàtàkì. 5V 1A túmọ̀ sí wáàtì 5. 5V 2A jẹ́ wáàtì 10. Ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì oníìnṣì mẹ́wàá ń fẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó kéré tán. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ayédèrú ló jẹ́ òótọ́.

Okùn náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́. Okùn gígùn mítà kan tí wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín, irú èyí tí wọ́n ń kọ 28AWG sí lára, máa ń jẹ nǹkan bí 0.4 fóòtì tí ámpíà kan bá ń gba inú rẹ̀ kọjá. Tó bá di ámpíà méjì, ó ń jẹ ju 0.8 lọ. Fóòtì 5 tó kúrò lára orí ṣájà á wá di nǹkan bí 4.2 kó tó dé inú ẹ̀rọ. Tábúlẹ́ẹ̀tì kì í dúró wò ó. Bó bá ti rí i pé iná ń rẹlẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á dín ohun tó ń fà kù, kí orí ṣájà má baà dákú. Nípa bẹ́ẹ̀, okùn burúkú lè sọ orí ṣájà ámpíà méjì di ti ẹyọ kan. Okùn ní wáyà méjì mìíràn pẹ̀lú, tí tábúlẹ́ẹ̀tì fi ń mọ irú orí ṣájà tó wà lódì kejì. Bí wọ́n bá ti já, tàbí tí ẹ̀rọ kò bá dá orí ṣájà náà mọ̀, ó lè má fà ju ìdajì ámpíà lọ.

Báwo wá ni wọ́n ṣe lè mọ èyí tó jẹ̀bi láàárín orí ṣájà tí kò lágbára àti ojú ẹ̀rọ tó ń jẹun jù? Mítà USB kékeré kan wà tí wọ́n ń ki sáàárín orí ṣájà àti okùn, ó ń kọ fóòtì àti ámpíà sójú. Ká ní tábúlẹ́ẹ̀tì náà wà láàárín 30% sí 60%, nítorí tó bá ti ń sún mọ́ kíkún, òun náà á dín iná kù, èyí á sì da ìdánwò rú. Wọ́n pa á, mítà kọ 1.0A. Wọ́n tàn án, wọ́n gbé ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ dé òkè, mítà ṣì kọ 1.0A, iye ojú ẹ̀rọ sì ń wálẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣírí wà. Iná kan náà ló ń wọlé ní pípa àti ní títàn, ohun tó ń jẹ ẹ́ nínú ló yàtọ̀. Orí ṣájà tàbí okùn ti dé òpin agbára rẹ̀. Kí wọ́n wá pààrọ̀ okùn nìkan sí èyí tó kúrú tó sì ki. Bí mítà bá gun 1.8A, okùn ló jẹ̀bi. Bó bá dúró síbẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ orí ṣájà. Ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan ni kí wọ́n máa pààrọ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ méjèèjì pọ̀ kò ní mọ èyí tó yẹ kó jù nù.

Ẹni tí kò ní mítà lè lo aago. Kí ó ṣájì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú ẹ̀rọ ní títàn ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ wà ní pípa. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mìíràn pẹ̀lú ojú títàn tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Òmíràn pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó dé òkè. Bí ó bá gòkè dáadáa ní àkọ́kọ́, tó gòkè díẹ̀ ní ìkejì, tó wálẹ̀ ní ìkẹta, bátìrì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Orí ṣájà náà lè jàre. Bí mítà bá já sí òdo ní gbàrà tí wọ́n tan ẹ̀rọ, tàbí tí iná ń lọ ń bọ̀ bí wọ́n ṣe ń mi ẹnu okùn, ihò ṣájà tàbí inú ẹ̀rọ ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ooru pẹ̀lú wà níbẹ̀: bátìrì lítíọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ gbaná tí ara rẹ̀ bá gbóná kọjá nǹkan bíi 45°C, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló sì ń dá iná náà dúró fúnra wọn. Tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà nínú àpò aláwọ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń fi wo fíìmù lọ́sàn-án oṣù kẹta, lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú orí ṣájà tó dára jù lọ. Kí wọ́n yọ àpò rẹ̀, kí wọ́n gbé e sórí tábìlì, kí wọ́n tún un dánwò.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u nígbà tí kò tíì sí ẹni tó fi orí ṣájà ámpíà méjì àti okùn tó ki dán an wò lójú yín, pẹ̀lú ojú rẹ̀ ní títàn. Ẹ̀yin ẹnjiníà náà, ẹ fi mítà USB kan sórí tábìlì yín, kí ẹ sì jẹ́ kí oníbàárà rí ohun tó kọ kí ẹ tó dárúkọ bátìrì.