Lẹ́tà Ìwáṣẹ́ Jọ Ara Wọn: Ṣé Ẹ̀rọ Ni Ó Kọ Wọ́n?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó oṣù, kì í sì í ṣe ti owó àṣekún. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó dúró sí ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ tí kò tíì wọlé ni: ọmọ wa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́, àti ẹlẹgbẹ́ wa tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ tí ó tún ń wá òmíràn.

Ilé-iṣẹ́ akẹ́rù kan tí a kò ní dárúkọ wá akọ̀wé sítọ́ọ̀ kan. Lẹ́tà ìwáṣẹ́ 100 ni ó wọlé. Nígbà tí máníjà tí ń gba òṣìṣẹ́ ka lẹ́tà mẹ́wàá, ó rí i pé ohùn kan náà ni wọ́n ń fọ̀. Gbogbo wọn ni inú wọn dùn láti fi ìfẹ́ hàn sí ipò náà. Gbogbo wọn ni wọ́n to ìwà rere ní mẹ́ta-mẹ́ta: alákitiyan, olóòótọ́, ẹni tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ìparí wọn kò yàtọ̀ bákan náà. Nígbà tí ó kà wọ́n tán, ó ya 31 sọ́tọ̀, ó ní ẹ̀rọ ni ó kọ wọ́n, irú ChatGPT tí ó wà lórí fóònù, òun yóò sì dà wọ́n nù. Aṣojú wa tí ó wà níbẹ̀ bi í léèrè pé, “Ọ̀gá, kí ni ẹ̀rí yín?” Máníjà náà kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ni a fẹ́ bá yín tú wò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé ìfura máníjà kò ṣàdédé wá. Ẹ̀rọ yìí, tí ó jáde fún gbogbo ayé ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ti ka ọ̀kẹ́ àìmọye ìwé. Bí ó ṣe ń kọ̀wé ni pé yóò wo ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀, yóò ṣírò ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé ṣe jù kí ó tẹ̀ lé e, yóò mú ọ̀kan nínú àwọn tí ó súnmọ́ ọn jù, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti là ni ó ń tọ̀. Bí ènìyàn ogún bá fún un ní ìkéde iṣẹ́ kan náà, tí wọ́n ní kí ó bá wọn kọ lẹ́tà, tí wọn kò sì sọ ohunkóhun fún un nípa ara wọn, ogún lẹ́tà tí yóò bí yóò jọ bí ìbejì.

Ṣùgbọ́n ta ni kò rántí akọ̀wé lẹ́tà tí ń jókòó pẹ̀lú táípúráítà lẹ́bàá ilé ìfìwéránṣẹ́? Ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó ń kọ̀wé fún, lẹ́tà kan ni ó mọ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, olùkọ́ kọ́ wa ní bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà àti bí a ti ń parí rẹ̀, ẹni tí kò bá sì tẹ̀ lé e yóò pàdánù máàkì. Ilé ìtẹ̀wé ìgboro ní lẹ́tà kan nínú kọ̀ǹpútà, orúkọ àti àdírẹ́sì nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Ìkéde iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní kí ẹni tí ń bọ̀ jẹ́ alákitiyan àti olóòótọ́, ẹni tí ń wáṣẹ́ sì dá ọ̀rọ̀ náà padà fún ọ̀gá. Nítorí náà, jíjọ tí lẹ́tà jọra fi hàn pé orísun kan ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Kò sọ èwo nínú àwọn orísun náà ni.

Máníjà náà ní ó dára, òun yóò lo ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò, ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó lè sọ bóyá ènìyàn ni ó kọ̀wé tàbí kọ̀ǹpútà. Ẹ gbọ́ ìtàn irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. OpenAI, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ChatGPT gan-an, gbé ọ̀kan jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kéde pé nínú ìwé 100 tí ẹ̀rọ kọ, 26 péré ni yóò mú, àti pé nínú ìwé 100 tí ènìyàn kọ, yóò fẹ̀sùn èké kan 9. Ní oṣù keje ọdún kan náà, wọ́n kó o kúrò nílẹ̀ nítorí pé kò péye tó.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò yìí dán lẹ́tà 100 tiwa wò. Ká sọ pé 40 nínú wọn jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí 60 sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Nínú 40, yóò mú bí 10. Nínú 60, yóò mú bí 5 tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọn yóò dá nù, ìdá mẹ́ta wọn kan yóò sì jẹ́ aláìṣẹ̀. Ọgbọ̀n tí ó lo ẹ̀rọ yóò gba ẹnu ọ̀nà wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. Òmíràn ti jáde lẹ́yìn ìgbà náà tí ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo wọn ń sọ ni pé ó ṣeé ṣe, kì í ṣe pé ó dájú. Lẹ́tà kì í ní àmì ìka ọwọ́ ẹni tí ó kọ ọ́ lára.

Èyí tí ó kàn wá jù nìyí. Ní ọdún 2023 kan náà, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Sitáńfọ́ọ̀dù ní Amẹ́ríkà fi ìwé 91 wá inú ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò méje. Àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn ni ó kọ wọ́n fún ìdánwò TOEFL. Ní ìpíndọ́gba, àwọn ẹ̀rọ náà ní ó ju ìdajì lọ nínú ìwé wọ̀nyí tí ó jẹ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe àṣìṣe lórí ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé Amẹ́ríkà. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bí ọ̀rọ̀ ti rọrùn tó láti mọ̀ kí a tó kà á dé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń wọ̀n. Ẹni tí ó fi ìwé kọ́ Gẹ̀ẹ́sì a máa lo ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, ní ọ̀nà tí olùkọ́ fi kọ́ ọ. Ta ni ẹni náà, bí kì í bá ṣe èmi àti ìwọ àti àwọn ọmọ wa?

Àwọn mìíràn sì ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn fi ń mọ̀ ọ́n. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, gbajúmọ̀ olókòwò kan ní òkè òkun ní nígbà tí òun rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà “dẹ́lìfù”, tí ó túmọ̀ sí kí a walẹ̀ jìn sínú ọ̀rọ̀, nínú lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí òun, òun fura pé ẹ̀rọ ni. Àwọn ọmọ Nàìjíríà dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ń lò lójoojúmọ́ ni. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, òótọ́ sì ni pé àwa náà ń lò ó. Bí òótọ́ méjèèjì bá dúró, ọ̀rọ̀ kan kò lè dá ènìyàn lẹ́bi.

Ǹjẹ́ kò sí ẹ̀rí rárá ni? Ó wà. Bí lẹ́tà bá fi àyè sílẹ̀ nínú àkámọ́ tí ó ní kí a kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ síbẹ̀, tí ẹni náà kò kọ ọ́, ó dà á kọ láti ibìkan ni. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá ń sọ fún ẹni tí ń wáṣẹ́ pé lẹ́tà tí ó béèrè fún nìyí, a mọ̀ pé ẹ̀rọ ni ó sọ ọ́. Bí lẹ́tà bá sì sọ pé ènìyàn ṣe iṣẹ́ tí kò ṣe rí, irọ́ ni, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ tàbí gègé ni ó fi kọ ọ́. Àìkíyèsára ni méjì àkọ́kọ́, ẹ̀ṣẹ̀ gidi ni ìkẹta. Ìrànlọ́wọ́ láti tún Gẹ̀ẹ́sì ṣe kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. A kò pe ẹni tí ó lọ bá akọ̀wé lẹ́tà ní olè rí.

Aṣojú wa wá bi máníjà léèrè pé kí ni akọ̀wé sítọ́ọ̀ yóò máa ṣe. Ó ní yóò máa ka ẹrù, yóò máa kọ ọ́ sí káàdì, yóò sì máa yẹ ìwé ẹrù ọkọ̀ wò. Aṣojú ní, “Ẹ jẹ́ kí a dán ìyẹn wò nígbà náà.” Wọ́n pe gbogbo ẹni tí ìwé ẹ̀rí àti ìrírí rẹ̀ tó ohun tí ìkéde béèrè, láìwo irú lẹ́tà tí ó kọ. Mejìlá nínú 31 náà wà lára wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fún un ní káàdì tí ó ní ìlà mẹ́fà, tí àròpọ̀ kan nínú rẹ̀ ṣì. Wọ́n ní kí ó sọ ohun tí ó ṣe ní ọjọ́ tí ẹrù dín. Wọ́n sì mú gbólóhùn kan nínú lẹ́tà rẹ̀, wọ́n ní kí ó ṣàlàyé rẹ̀.

Nínú àwọn mejìlá náà, mẹ́rin kò lè ṣàlàyé iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ti ṣe. Wọ́n kùnà, ó sì tọ́. Márùn-ún rí àṣìṣe àròpọ̀ náà kíá. Ọ̀kan nínú wọn sọ láìfi bò pé àbúrò òun ni ó fi ẹ̀rọ fóònù tún Gẹ̀ẹ́sì òun ṣe. Òmíràn kò tilẹ̀ lo ẹ̀rọ rí; láti inú ìwé àwòkọ lẹ́tà tí ó ti ń lò láti ìgbà ilé-ìwé ni ó ti kọ ọ́. Lójú máníjà, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn tí kò sí nínú 31 ni ó gba iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn wà lórí ìwé àwọn tí wọn yóò kọ́kọ́ pè bí àyè bá tún ṣí.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá kò pọ̀. Kí ìkéde iṣẹ́ sọ gbangba bóyá wọ́n gba ẹ̀rọ láàyè tàbí wọn kò gbà á. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti ìwé kíkọ, kí wọ́n jẹ́ kí ènìyàn jókòó kọ ọ́ lójú wọn. Kí wọ́n má ṣe kó lẹ́tà tí ó ní orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ènìyàn sínú ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò. Òfin Ìdáàbòbò Déétà ilẹ̀ wa ti ọdún 2023 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ pé kí ẹ̀rọ nìkan má ṣe dá ẹjọ́ tí ó kàn án gidigidi, àfi níbi tí òfin náà fúnra rẹ̀ yọ sílẹ̀. Bí ìfura bá sì wà, kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni náà. A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wáṣẹ́, tiyín náà wà ńbẹ̀. Ẹ fi ohun tí ẹ̀rọ kò lè mọ̀ nípa yín sínú lẹ́tà. Ẹni tí ó kọ pé òun ní ìrírí tí ó jinlẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tí ó kọ pé òun wa ọkọ̀ ajagbé láti Apápá dé Ìbàdàn fún ọdún mẹ́fà, tí ó sọ irú ẹrù tí ó gbé àti ohun tí ó ṣe ní ọjọ́ tí búrékì kọ̀, lẹ́tà rẹ̀ kò ní jọ ti ẹnikẹ́ni. Bí ẹnikẹ́ni tàbí ohunkóhun bá bá yín tún un ṣe, ẹ ka á sókè kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Gbólóhùn tí ẹ kò bá lè dúró tì níwájú ọ̀gá, ẹ pa á rẹ́.

Bí wọ́n bá dá ẹnikẹ́ni nínú yín padà lórí ẹ̀sùn yìí láìgbọ́ tẹnu rẹ̀, kí ó mú lẹ́tà náà wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka wa. A ó bá a béèrè ẹ̀rí.