Ẹni Tó Gbé Ipò Sílẹ̀ Kò Kú

Bí ìwé ìkéde olórí ẹ̀ka tuntun bá jáde ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, Àgọ́-Ìwòyè, ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ ń wá nínú rẹ̀ ni bí ẹni àná ṣe kúrò. Bí ìwé náà kò bá sọ ọ́, aráàlú yóò bá a sọ ọ́ dé Ìjẹ̀bú-Igbó: wọ́n á ní ó kówó jẹ ni.

Gbólóhùn méjì ló ń dá wàhálà yìí sílẹ̀ jù. Èkíní ni "ó ti fi wá sílẹ̀". Létí Yorùbá, ọ̀rọ̀ òkú nìyẹn. Ẹni tó gbọ́ ọ lórí rédíò lè gba ilé ọkùnrin náà lọ láti bá ìyàwó rẹ̀ kẹ́dùn. Èkejì ni "kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa mọ́". Gbólóhùn yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń fi sínú ìwé ìròyìn, sábẹ́ àwòrán ẹni tó gbówó wọn sá lọ, kí oníbàárà má baà bá a dòwò mọ́. Ẹni tó lò ó fún olórí tó parí iṣẹ́ rẹ̀ láìlábùkù ti bà á lórúkọ jẹ́, bó ti wù kó fi "ìmọrírì" yí i ká tó.

Ní yunifásítì, gíwá ló ń yan olórí ẹ̀ka, ipò náà sì ní sáà. Bí sáà bá parí, ọ̀jọ̀gbọ́n náà kì í kẹ́rù kúrò lọ́gbà. Yóò padà sí kíláàsì, lábẹ́ ẹni tuntun, tó lè jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nígbà kan rí. "Ó dìgbóṣe" kò bá irú èyí mu rárá.

Ti ìjọba ìbílẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n lè gbé olórí ẹ̀ka kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó, ibùjókòó Ìjẹ̀bú Àríwá, lọ sí Abigi ní Ògùn Wọ́tásáìdì. Ìṣípòpadà lásán ni, àmọ́ àwọn kan a máa wò ó bí ẹni pé ìjìyà ni etí omi. Kí ìkéde sọ ibi tó ń lọ àti iṣẹ́ tó ń lọ ṣe níbẹ̀. Lọ́dún 1982, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúbí Ṣódípọ̀ kúrò nídìí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní Ifẹ̀, ó wá di gíwá àkọ́kọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè yìí kan náà. Ẹni tó bá sọ pé ó kúrò, tí kò sọ ibi tó lọ, ìdajì òtítọ́ ló sọ.

Ìkéde tó péye kò gbọdọ̀ gùn: "Sáà Ọ̀jọ̀gbọ́n Lágbájá gẹ́gẹ́ bí olórí ẹ̀ka yìí parí ní 30 oṣù kẹsàn-án. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ láàrin wa. Dókítà Tàmẹ̀dù di adelé olórí láti 1 oṣù kẹwàá." Bó bá jẹ́ adelé, kí wọ́n pè é ní adelé.

Ọjọ́ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Èsì ìdánwò tí olórí àná bá fọwọ́ sí lẹ́yìn rẹ̀ lè di àríyànjiyàn, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń retí ìwé àgùnbánirọ̀ ni yóò sì máa lọ, tí yóò máa bọ̀ láàrin ọ́fíìsì méjì.