Nọ́mbà Àkànṣe fún Ṣọ́ọ̀bù Kékeré: Ṣé Ó Tó Owó Rẹ̀?

Ẹni tó bá tẹ 07002255822 láti pe ilé ìfowópamọ́ UBA lè máà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lòun ń tẹ̀: CALLUBA. Lórí fóònù, 2 ló gbé A, B àti C. 5 ló gbé J, K àti L. 8 ló gbé T, U àti V. Ó dára fún báǹkì ńlá. Ṣé ó yẹ olóúnjẹ àdúgbò?

Ká ní ìyá olámàlà kan n'Íbàdàn fẹ́ nọ́mbà tó ń dárúkọ ọjà rẹ̀. AMALA á di 26252. Àmọ́ nọ́mbà wa jẹ́ òǹkà mọ́kànlá. Tí a bá yọ mẹ́rin ìbẹ̀rẹ̀, bíi 0803, méje ló kù. AMALA gba márùn-ún, méjì tó ṣẹ́ kù ni oníbàárà máa gbàgbé. Ó yẹ kí méjèèjì jọra, bíi 55. Ṣùgbọ́n lábẹ́ 0803, nọ́mbà 100 péré ló parí sí 26252, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì parí sí 5526252. Ìdí tó fi wọ́n nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó kàn parí sí òǹkà mẹ́rin tó rọrùn, bíi 4040, pọ̀ tó 1,000.

Èmi á mú 4040. Ẹnu la fi ń fún ara wa ní nọ́mbà, a kì í wá lẹ́tà kiri lórí bọ́tìnnì, pàápàá lórí fóònù kékeré tí lẹ́tà rẹ̀ ti pa rẹ́.

Ti owó ńkọ́? Ká ní wọ́n ní kí ìyá yìí mú ₦60,000 wá fún nọ́mbà àkànṣe, tí èrè rẹ̀ lórí abọ́ kan sì jẹ́ ₦500. Ó di kó ta 120 abọ́ kí owó náà tó padà, ìyẹn abọ́ márùn-ún lóṣù fún ọdún méjì, àwọn abọ́ tí kì bá tà ká ní nọ́mbà lásán ló ní. Tó bá jẹ́ pé ojú pátákó láti inú mọ́tò tàbí orí rédíò làwọn èèyàn ti ń gba nọ́mbà rẹ̀, ó ṣeé ṣe. Tó bá jẹ́ pé orí Wáásáàpù ni wọ́n ti ń béèrè oúnjẹ, wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ pa mọ́ sórí fóònù, ta ló tún ń há nọ́mbà sórí? Kó fi owó yẹn ra igi ìdáná.

Ẹ má ra irú nọ́mbà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tí wọ́n fi NIN rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ ló ni ín. Ó lè lọ gba síìmù míì sórí rẹ̀ lọ́la, kí àwọn oníbàárà yín máa pè é. Òfin NCC sì gbà kí wọ́n ti láìnì tí a kò lò fún oṣù mẹ́fà, bó bá sì di ọdún kan, nọ́mbà lè lọ. Torí náà, kí ẹ tó sanwó fún pátákó, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ fóònù fúnra yín, ẹ ní kí wọ́n fi àwọn nọ́mbà lásán tó wà nílẹ̀ hàn yín, kí ẹ sì fi orúkọ ara yín gba èyí tó dùn ún pè jù.